Ọkọ̀ wo ni ìyá ẹni ọdún 76 lè wọ̀, kí ó sì wà, láìsí ìnira?

Ọmọ Kejì

Mo kí gbogbo ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tó wà níbí. Ìyá mi pé ọdún 76 lọ́dún yìí, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń wa ọkọ̀ rẹ̀. Dókítà ojú yẹ̀ ẹ́ wò láìpẹ́ yìí, ó ní ojú rẹ̀ tó láti wakọ̀, àmọ́ kí ó dín ìrìn alẹ́ kù. Wíwà ọkọ̀ kọ́ ni ìṣòro rẹ̀, wíwọlé àti jíjáde ni. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ sí oríkèé ìbàdí ọ̀tún rẹ̀ ní ọdún méjì sẹ́yìn, làkúrègbé sì wà ní orúnkún rẹ̀ méjèèjì. Ọkọ̀ tó ń lò báyìí sún mọ́lẹ̀ gan-an, nítorí náà kì í jókòó sínú rẹ̀, ńṣe ló máa ń já sórí ìjókòó bí ẹni tí ilẹ̀ yọ̀ mọ́ lẹ́sẹ̀. Tó bá fẹ́ jáde, á fi ọwọ́ kan di sítíárìn mú, á fi èkejì di etí ilẹ̀kùn mú, á wá fa ara rẹ̀ sókè. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ilẹ̀kùn náà rìn mọ́ ọn lọ́wọ́, díẹ̀ ló kù kí ó ṣubú.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti pinnu pé jíìpù ńlá ni a máa rà. Èmi rò pé ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń wá. Ìyá mi kò ga, sẹ̀ǹtímítà 155 ni. Apá òsì ni sítíárìn máa ń wà nínú ọkọ̀ wa. Mi ò béèrè nípa ẹ́ńjìnnì tàbí epo. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni bí a ṣe lè dán ọkọ̀ kan wò kí a tó sanwó, kí a sì mọ̀ dájú pé ìyá wa yóò lè wọ̀ ọ́, yóò ríran dáadáa nínú rẹ̀, kò sì ní máa wá ibi tí ó yẹ kí ó tẹ̀.

Jíìpù Ló Bá Mi Mu

Ẹ̀gbọ́n yín ọkùnrin ló gba ọ̀rọ̀ náà sọ. Bàbá ìyàwó mi ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún, jíìpù ló ń wà, kò sì fẹ́ gbọ́ orúkọ ọkọ̀ mìíràn. Ọkọ̀ tó ga ni àgbàlagbà nílò, nítorí pé kò ní tẹ̀ ba kí ó tó wọlé, yóò sì máa rí ọ̀nà láti òkè. Bí ọkọ̀ bá ṣe ga tó ni yóò ṣe rọrùn tó. Ẹ má dààmú ara yín pẹ̀lú ìwọ̀n kankan.

Atọ́jú Oríkèé

Mo bọ̀wọ̀ fún bàbá ìyàwó yín o, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, báwo ni wọ́n ṣe ga tó?

Ọmọ Kejì, iṣẹ́ mi ni láti ran àwọn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ìbàdí àti orúnkún lọ́wọ́ kí wọ́n tún lè máa rìn, nítorí náà mo ti rí ọ̀pọ̀ ìyá àti bàbá tí ọmọ wọn ra ọkọ̀ tí kò bá wọn mu. Ohun tí a ń wá kì í ṣe ọkọ̀ tó ga, ìjókòó tó bá ẹsẹ̀ ẹni náà dọ́gba ni. Tí ìjókòó bá rẹlẹ̀ ju ẹ̀yìn orúnkún lọ tàbí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a dọ́gba, ìbàdí yóò ká ju bó ṣe yẹ lọ nígbà tí ó bá ń jókòó, gbogbo ìwúwo ara yóò sì wà lórí orúnkún nígbà tí ó bá ń dìde. Èyí ni ó ń ṣe ìyá yín báyìí. Ọ̀pọ̀ dókítà ló máa ń kìlọ̀ fún ẹni tí wọ́n ṣe irú iṣẹ́ abẹ yẹn pé kí ó má ṣe ká ìbàdí náà kọjá bí ẹni tó jókòó gbọnrangandan, nítorí náà ẹ bi dókítà tirẹ̀ bóyá ìkìlọ̀ yẹn ṣì dúró.

Àmọ́ tí ìjókòó bá ga jù, ìṣòro mìíràn ló máa bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò ga kò ní lè kọ́kọ́ fi ìdí lélẹ̀ kí ó tó gbé ẹsẹ̀ wọlé. Yóò ní láti gbé ẹsẹ̀ kan sókè, yóò fi ẹsẹ̀ kan ṣoṣo dúró, yóò sì gun ọkọ̀ náà bí ẹni tó ń gun àkàsọ̀. Nínú ọkọ̀ tí sítíárìn rẹ̀ wà lápá òsì, ẹsẹ̀ ọ̀tún ni awakọ̀ máa ń kọ́kọ́ gbé wọlé, ẹsẹ̀ tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ sí gan-an sì nìyẹn fún ìyá yín. Jíjáde tún le ju wíwọlé lọ, nítorí pé ẹsẹ̀ kò ní tíì kanlẹ̀ nígbà tí ìdí bá ti kúrò lórí ìjókòó.

Bí a ṣe ń wọ̀n ọ́n nìyí. Ẹ jẹ́ kí màmá wọ bàtà tí wọ́n máa ń wọ̀ tí wọ́n bá fẹ́ wakọ̀, kí wọ́n dúró ṣánṣán, kí ẹ wá fi téèpù wọn láti ilẹ̀ dé ibi tí ẹsẹ̀ ti ń ká lẹ́yìn orúnkún. Ẹ tún wọn láti ilẹ̀ dé àárín itan. Ìjókòó tí orí rẹ̀ bá bọ́ sí àárín méjèèjì ni kí ẹ wá. Tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ ọkọ̀, etí ìta ìjókòó ni kí ẹ wọ̀n, kì í ṣe àárín, kí ẹni tí ìwúwo rẹ̀ tó ti màmá sì jókòó sí i kí ẹ tó wọ̀n ọ́n, nítorí pé fóòmù máa ń wọlẹ̀.

Jíìpù Ló Bá Mi Mu

Wọ́n ga o, wọ́n tó sẹ̀ǹtímítà 182. Mi ò ronú sí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ṣé pátákó ìtẹ̀sẹ̀ tí wọ́n máa ń so mọ́ ẹ̀gbẹ́ jíìpù kò ní yanjú rẹ̀?

Atọ́jú Oríkèé

Ó lè ran ẹni tí agbára orúnkún rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́. Ẹni tí orúnkún ń dùn yóò kàn rí i pé gígùn ẹ̀ẹ̀kan ti di gígùn ẹ̀ẹ̀mejì. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn pátákó náà kò fẹ̀ tó ẹsẹ̀, wọ́n sì máa ń yọ̀ tí òjò bá rọ̀. Tí màmá bá sì ń sọ̀ kalẹ̀, wọn kì í rí pátákó náà, ẹsẹ̀ ni wọ́n á máa fi wá a kiri.

Àbíkẹ́yìn

Ẹ jọ̀wọ́, kí ló dé tí ẹ kò ra ọkọ̀ tí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ ń fà sẹ́gbẹ̀ẹ́? Irú rẹ̀ ni a rà fún ìyá wa àgbà. A máa ń gbé kẹ̀kẹ́ arọ wọn sún mọ́ ẹnu ọ̀nà, a ó wá gbé wọn sórí ìjókòó. Ẹ yọ sítíárìn kúrò lọ́wọ́ màmá, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa jókòó sẹ́yìn bí olóyè.

Ọmọ Kejì

Àbíkẹ́yìn, mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n màmá mi ni awakọ̀. Tí mo bá sọ fún wọn pé kí wọ́n lọ jókòó sẹ́yìn, èmi ni wọ́n máa lé jáde nínú ọkọ̀.

Ẹ̀gbọ́n Onímọ́tò

Ọ̀rọ̀ Àbíkẹ́yìn ṣì wúlò níbì kan. Ẹ má ṣe yẹ ẹ̀gbẹ́ awakọ̀ nìkan wò. Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ara màmá kò ní yá, tí ẹlòmíràn yóò sì gbé wọn. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ìjókòó awakọ̀ nìkan ni a lè gbé sókè, ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ a dúró sójú kan. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jókòó síbẹ̀ náà kí ẹ tó lọ.

Mo ti ta ọkọ̀, mo sì ti tún un ṣe fún ọ̀pọ̀ ọdún, ohun tí mo fẹ́ fi kún ọ̀rọ̀ Atọ́jú Oríkèé kò sí nínú ìwé tí wọ́n fi ń polówó ọkọ̀. Àkọ́kọ́ ni irin ìsàlẹ̀ ẹnu ọ̀nà. Ọkọ̀ méjì lè ní ìjókòó tó ga bákan náà, kí irin yìí fẹ̀ nínú ọ̀kan ju èkejì lọ. Tó bá fẹ̀, ìjókòó á jìnnà sí ẹni tó dúró níta, ẹni náà á wá máa ju ìdí sẹ́yìn láìrí ibi tí ó ń lọ. Ẹ tún wo bí inú ọkọ̀ ṣe jìn sí lẹ́yìn irin náà, nítorí pé bó bá jìn, ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ gòkè kọjá irin kí ó tó lè jáde.

Ìkejì ni ilẹ̀kùn. Ẹ ṣí i díẹ̀díẹ̀ kí ẹ gbọ́ ibi tí ó ti ń kọ́. Àwọn kan máa ń kọ́ níbi méjì, àwọn mìíràn níbi mẹ́ta. Ẹ gbé ọkọ̀ náà sí ibi tí ilẹ̀ ti dagun díẹ̀, kí ẹ wò ó bóyá ilẹ̀kùn yóò dúró tàbí yóò padà wá gbá ènìyàn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí màmá yín jọ pé irin tí ń mú ilẹ̀kùn náà dúró ti jẹ. Ẹ tún un ṣe lórí èyí tí wọ́n ń lò lọ́wọ́, ẹ má dúró de ọkọ̀ tuntun. Ẹ sá fún ọkọ̀ onílẹ̀kùn méjì pátápátá, nítorí pé ilẹ̀kùn rẹ̀ gùn, ó wúwo, kò sì ní àyè láti ṣí tán níbi tí ọkọ̀ bá ti há mọ́ ara wọn.

Ní ti gíga màmá, ẹ má bẹ̀rù. Tí wọn kò bá ríran kọjá sítíárìn, tìmùtìmù kan tó nípọn dáadáa ni kí ẹ fi sí i. Ó ti parí.

Bàbá Ẹni Àádọ́rin

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ti kọjá àádọ́rin, mo ṣì ń wakọ̀, ẹ jẹ́ kí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn sọ tirẹ̀.

Nígbà tí àwọn ọmọ mi ra ọkọ̀ tí mò ń lò, gbogbo wọn ló wo ìjókòó, kò sí ẹni tó wo òpó iwájú, ìyẹn òpó tó gbé ẹ̀gbẹ́ gíláàsì iwájú dúró. Ó nípọn nínú ọkọ̀ òde òní, nítorí pé òun ni kì í jẹ́ kí òrùlé wó tí ọkọ̀ bá yí. Ọ̀dọ́ á kàn na ọrùn síwájú, á wo ẹ̀yìn òpó náà, á kọjá. Ọrùn tèmi kò yí bẹ́ẹ̀ mọ́. Mo fẹ́ yà ní oríta kan nígbà kan, mo wò, n kò rí ẹnikẹ́ni, mo bẹ̀rẹ̀ sí í yà, ni ọmọkùnrin kan lórí kẹ̀kẹ́ bá jáde láti ẹ̀yìn òpó. Òun náà ń lọ, èmi náà ń yà, ìrìn wa bá ara wọn mu tó bẹ́ẹ̀ tí òpó fi bò ó látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ọlọ́run ló yọ wá. Nítorí náà, kí màmá jókòó síbi tí wọ́n máa ń jókòó sí, kí ìwọ rìn yípo iwájú ọkọ̀ díẹ̀díẹ̀ láti ọ̀tún sí òsì, kí wọ́n máa sọ fún ọ ìgbà tí wọn kò bá rí ọ mọ́. Ibi tí o bá ti pàdánù ni òpó. Ibi tí ó bá há jù lọ ni kí ẹ mú.

Ẹ tún wo ẹ̀yìn. Gíláàsì ẹ̀yìn àwọn ọkọ̀ kan kò ju ojú fèrèsé ilé ìwẹ̀ lọ. Kámẹ́rà ẹ̀yìn ràn mí lọ́wọ́ púpọ̀, nítorí pé ìyípadà ọrùn ló kọ́kọ́ fi mí sílẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, láti oṣù Karùn-ún ọdún 2018 ni òfin ti mú un ní dandan pé kí gbogbo ọkọ̀ kékeré tuntun ní in, nítorí náà tí ẹ bá ń ra èyí tó ti pẹ́ ju ìyẹn lọ, ẹ wò ó bóyá ó ní. Kí ẹ sì rántí pé kámẹ́rà tí ẹrẹ̀ bò kò ríran.

Ọ̀rọ̀ kejì tí mo ní ni bọ́tìnnì tí a fi ń tan ọkọ̀. Ó dùn mọ́ mi nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i, nítorí pé ìka mi kò lè yí kọ́kọ́rọ́ dáadáa mọ́. Lálẹ́ ọjọ́ kan mo wọ ilé, mo ti kọ́kọ́rọ́ bọ àpò, mo jẹun, mo sùn. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ náà kì í pariwo, etí mi náà kò sì mú tó ti àtijọ́. Òwúrọ̀ ni ìyàwó mi bá a tó ṣì ń ṣiṣẹ́. Ìta gbangba ló wà. Ká ní inú gáréèjì tó so mọ́ ilé ni, èéfín tí kò ní òórùn yẹn ìbá ti wọlé bá wa lójú oorun, ó sì ti pa ènìyàn báyìí rí. Tí ẹ bá máa ra oníbọ́tìnnì, ẹ bi wọ́n bóyá ó máa ń pa ara rẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó kan tí kò bá sí ènìyàn nínú rẹ̀. Àwọn kan ń ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn kan kàn máa ń dún pí-pí ni, ti àgbàlagbà tí kò gbọ́ pí-pí ń kọ́?

Atọ́jú Oríkèé

Bàbá, ẹ ṣeun. Ìdánwò òpó yẹn, mo máa lò ó.

Ẹ̀gbọ́n Onímọ́tò, mo fara mọ́ gbogbo ohun tí ẹ sọ àyàfi tìmùtìmù. Èyí tó nípọn tó sì rọ̀ máa ń ba iṣẹ́ bẹ́líìtì jẹ́. Orí egungun ìbàdí ni ó yẹ kí apá ìsàlẹ̀ bẹ́líìtì dúró sí. Tí ènìyàn bá jókòó lórí nǹkan rírọ̀, tí ọkọ̀ bá wá dúró lójijì, tìmùtìmù náà yóò fún pọ̀, ara yóò yọ̀ síwájú lábẹ́ bẹ́líìtì, bẹ́líìtì yóò sì gòkè sí ikùn. Ó tún ń gbé ẹsẹ̀ kúrò nítòsí bíréèkì. Ìjókòó tí a lè gbé sókè fúnra rẹ̀ ló dára jù, nítorí pé òun àti bẹ́líìtì ni a jọ ṣe. Ìwọ̀n tí mo máa ń lò ni pé kí ojú awakọ̀ fi bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́jọ ga ju orí sítíárìn lọ, kí àárín sítíárìn sì jìnnà sí egungun àyà ní sẹ̀ǹtímítà 25, ó kéré tán, nítorí pé àpò afẹ́fẹ́ ni ó wà níbẹ̀, agbára ni ó sì fi ń jáde. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń le fún ẹni kúkúrú nìyẹn. Tí ó bá fa ìjókòó síwájú kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè dé bíréèkì, àyà rẹ̀ yóò sún mọ́ sítíárìn jù. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi gbọ́dọ̀ ra ọkọ̀ tí sítíárìn rẹ̀ ń gòkè, ń sọ̀, tí a sì tún lè fà síta tàbí tì wọlé. Èyí tí ń gòkè tí ń sọ̀ nìkan kò tó fún màmá.

Ẹ̀gbọ́n Onímọ́tò

Mo gbà nípa èyí tó rọ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó le, tí kò nípọn ju ìka méjì lọ, tó ga lẹ́yìn díẹ̀ ju iwájú lọ, mo ti rí àwọn tó lò ó fún ọdún púpọ̀, ó sì gbé ìbàdí wọn sókè. N kò ní sọ pé kí ẹnikẹ́ni jù ú nù.

Atọ́jú Oríkèé

Ó dára ju èyí tó rọ̀ lọ. Mo ṣì máa fẹ́ kí ẹni tó mọ bẹ́líìtì wò ó pẹ̀lú màmá lórí rẹ̀ kí n tó gbà.

Ọmọ Kejì

Mo ti padà dé. Mo wọn ẹsẹ̀ màmá, wọ́n ń fi mí rẹ́rìn-ín pé ṣé aṣọ ni mo fẹ́ rán fún ọkọ̀ ni. Láti ilẹ̀ dé ẹ̀yìn orúnkún jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 42 pẹ̀lú bàtà, àárín itan sì bọ́ sí 59. Ọkọ̀ tí wọ́n ń lò lọ́wọ́, 44 ni ìjókòó rẹ̀ tí ènìyàn bá ti jókòó sí i. Mo wá rí ìdí tí wọ́n fi ń já sórí rẹ̀.

Ọkọ̀ mẹ́ta ni a dán wò. Ẹ̀gbọ́n mi bá wa lọ, ó sì ní kí a kọ́kọ́ wo jíìpù. Ìjókòó rẹ̀ jẹ́ 78. Màmá kọ ẹ̀yìn sí i, ó kàn wọ́n nídìí. Wọ́n gbìyànjú láti fi ẹsẹ̀ ọ̀tún gùn ún, wọ́n di ohun ìdìmú òkè mú, wọ́n wá dúró síbẹ̀, wọn ò lọ sókè, wọn ò sì padà sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ló gbé wọn sọ̀. Láti ìgbà yẹn kò tún sọ̀rọ̀ jíìpù mọ́.

Ìkejì jẹ́ ọkọ̀ kékeré tí òrùlé rẹ̀ ga, ìjókòó rẹ̀ jẹ́ 56. Wọ́n kọ ẹ̀yìn sí i, wọ́n fi ìdí lélẹ̀, wọ́n yí ẹsẹ̀ méjèèjì wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, kò sí ariwo. Inú mi dùn. Àmọ́ nígbà tí mo rìn yípo iwájú gẹ́gẹ́ bí Bàbá ṣe wí, màmá pàdánù mi pátápátá ní ẹ̀gbẹ́ òsì, mo rìn tó ìṣísẹ̀ mẹ́rin kí wọ́n tó tún rí mi. Afẹ́fẹ́ tútù, rédíò, àti ohun tí ń nu òógùn kúrò lára gíláàsì, orí síkírínì ni gbogbo rẹ̀ wà. Mo ní kí wọ́n dín afẹ́fẹ́ kù bí mo ṣe ń ka ení, èjì, nígbà tí mo ka mọ́kànlá ni wọ́n rí i, ojú wọn kò sì sí lójú ọ̀nà ní gbogbo ìgbà náà. Ọkọ̀ náà dúró ni o.

Ìkẹta fi díẹ̀ rẹlẹ̀ sí i, 53 ni. Òpó rẹ̀ há, ìṣísẹ̀ kan péré ni mo fi pàdánù. Ohun tí à ń yí ni wọ́n fi ń dín afẹ́fẹ́ kù, màmá yí i láìwò ó. Nọ́ńbà eré tóbi, funfun lórí dúdú. Sítíárìn ń fà síta, ó sì ń tì wọlé, a rí sẹ̀ǹtímítà 27 láti àyà wọn. Àbùkù rẹ̀ ni pé ẹ̀gbẹ́ ìjókòó náà ga sókè, ó le, aṣọ tí wọ́n fi bò ó sì ń di aṣọ ara mú, nítorí náà ó ń dá ìdí wọn dúró tí wọ́n bá fẹ́ yí. Ohun tí wọ́n fi ń ti jíà jẹ́ róbótó kan tí à ń yí, ó sì jọ èyí tí à ń fi gbé ohùn rédíò sókè. Ìwọ̀nyí ni kò jẹ́ kí a tíì sanwó.

Jíìpù Ló Bá Mi Mu

Ẹ ra oníawọ, awọ máa ń yọ̀ dáadáa.

Ẹ̀gbọ́n Onímọ́tò

Òótọ́ ni pé awọ máa ń jẹ́ kí ara yí, ṣùgbọ́n ó ń gbóná lábẹ́ oòrùn, ara tó sì ń yọ̀ wọlé yóò máa yọ̀ tí ọkọ̀ bá ń yà. Ẹ gbìyànjú báyìí ná: ẹ tẹ́ ọ̀rá lásán sórí etí ìjókòó kí wọ́n tó jókòó, kí wọ́n yí lórí rẹ̀, kí wọ́n sì fà á kúrò kí wọ́n tó tan ọkọ̀. Tí ìyẹn bá tó, ẹ kò nílò awọ. Fún jíjáde, ọ̀pá ìdìmú kúkúrú kan wà tí wọ́n máa ń ti bọ irin tí ilẹ̀kùn ń kọ́ mọ́ lára òpó ọkọ̀. Irin yẹn lágbára, kò dà bí ilẹ̀kùn tí ń rìn. Kí wọ́n ṣáà yọ ọ́ kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn.

Bàbá Ẹni Àádọ́rin

Ọmọ Kejì, róbótó tí ẹ sọ yẹn ni n kò ní gbà. Ohun tí ọwọ́ ti mọ̀ láti ogójì ọdún ni ọwọ́ máa ń wá nígbà tí ẹ̀rù bá bà á. Tí jíà bá jẹ́ ọ̀pá, ọwọ́ mi mọ̀ ibi tí ó wà láìwò ó. Pẹ̀lú róbótó, mo ní láti wo iná kékeré kan kí n tó mọ̀ bóyá iwájú ni mò ń lọ tàbí ẹ̀yìn.

Atọ́jú Oríkèé

Èmi kò le tó bàbá lórí èyí. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò lágbára máa ń rí róbótó bí ohun tó rọrùn ju ọ̀pá lọ, mo sì ti rí àwọn tó mọ̀ ọ́n láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ohun tí mo máa fẹ́ mọ̀ ni èyí: tí màmá bá ṣí ilẹ̀kùn láìtíì dá jíà padà síbi ìdúró, ṣé ọkọ̀ náà máa ń dá ara rẹ̀ dúró, àbí yóò máa rìn lọ? Ẹ béèrè, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹni tó ń tà á fi hàn yín fúnra rẹ̀.

Kí wọ́n wakọ̀ náà fún wákàtí kan gbáko kí ẹ tó san owó, kí ó sì jẹ́ ìrọ̀lẹ́ nígbà tí oòrùn bá ń wọ̀. Imọ́lẹ̀ tó ń dé inú ojú ẹni ọgọ́ta ọdún kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ti ọmọ ogún ọdún lọ, ìtànṣán sì ń yọ ọ́ lẹ́nu jù. Ẹ máa rí i bóyá àtẹ iwájú ń tàn yanran sójú gíláàsì, àti bóyá wọ́n ṣì lè ka nọ́ńbà eré. Tí wọ́n bá jáde lẹ́yìn wákàtí náà, ẹ má ṣe ràn wọ́n lọ́wọ́. Ẹ kàn máa wò.

Ọmọ Kejì

A padà lọ lánàá. Ọ̀rá náà ṣiṣẹ́, màmá ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni pé orí ọ̀rá ni àwọn ń jókòó. Ẹni tó ń tà á ṣí ilẹ̀kùn láìdá jíà padà, ọkọ̀ náà sì dá ara rẹ̀ dúró, ó ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n wà á fún wákàtí kan, wọ́n sì jáde láìdi ilẹ̀kùn mú, àmọ́ wọ́n ní ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ń dùn wọ́n díẹ̀, a sì ti rí ohun tí a fi ń ti ibẹ̀ síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n yí róbótó náà sí ẹ̀yìn dípò iwájú, wọ́n sì rí i fúnra wọn kí wọ́n tó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí bíréèkì. Wọ́n sọ pé àwọn máa mọ̀ ọ́n. Mo ti gba ọkọ̀ náà fún ọjọ́ mẹ́ta láti fi dánra wò ní ibi gbalasa kan kí n tó dáhùn. Bàbá, tí wọ́n bá tún yí i sódì lọ́jọ́ kẹta, ọkọ̀ tí jíà rẹ̀ jẹ́ ọ̀pá ni a ó wá.

Bàbá Ẹni Àádọ́rin

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ má jókòó tì wọ́n lọ́jọ́ kẹta yẹn o, ẹ dúró síta. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń wò máa ń ṣọ́ ara.